Kí Ló Mú Pésítìrì Súnkì, Kí Ló sì Mú Un Yi?

Wọ́n gbé táàtì jáde nínú ọ́fìnì. Nígbà tó wọlé, ògiri rẹ̀ ga dé etí páànù, ó dúró ṣánṣán. Nígbà tó jáde, ògiri ti wálẹ̀ tó ìwọ̀n ìka kan, apá kan ti wó sínú, ìdí rẹ̀ sì ti wú sókè láàárín. Ẹni tó yan án á ṣì da kọ́sítáàdì sí i, torí owó ẹyin àti mílíìkì ti jáde lápò. Kọ́sítáàdì ọ̀hún á gba ibi tí ògiri ti kúrú yọ, á ṣàn wọ àárín pésítìrì àti páànù, á gbẹ mọ́ ibẹ̀, ọ̀bẹ ni wọn yóò sì fi máa họ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá wá gé e fún àlejò, àlejò á dúpẹ́, á máa jẹ ẹ́, kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ti mọ̀ pé nǹkan yìí yi.

Pésítìrì tí à ń wí yìí kò ṣàjèjì. Òun ni fúláwà tí wọ́n fi ọwọ́ ra bọ́tà mọ́, tí wọ́n fi omi tútù díẹ̀ pò, tí bọ́tà rẹ̀ sì máa ń tó ìdajì fúláwà lórí òṣùwọ̀n. Awọ mítípáì tí wọ́n ń tà káàkiri Èkó àti Ìbàdàn, ẹ̀yà rẹ̀ ni. Ọwọ́ àwọn Òyìnbó Bìrìtéènì ni wọ́n ti gbà á. Mítípáì kì í tú àṣírí awọ rẹ̀ tán, nítorí pé wọ́n pa á dé, ẹran àti ọ̀dùnkún sì wà nínú rẹ̀ tó ń gbé e ró. Táàtì tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kò ní ibi tó lè fara pamọ́ sí. Nítorí náà, táàtì kọ́sítáàdì kan ṣoṣo ni àròkọ yìí yóò tẹ̀ lé, irú èyí tí wọ́n ń jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti orí fúláwà títí dé orí tábìlì. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé kọ́sítáàdì inú agolo tí wọ́n ń fi omi gbígbóná pò láàárọ̀ ni o. Sitáàṣì àgbàdo nìyẹn. Ẹyin, mílíìkì àti ṣúgà ni kọ́sítáàdì inú táàtì yìí, ẹyin náà ló sì ń mú un dì.

Àìsàn méjì ló wà nílẹ̀: súnkì àti yíyi. Ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wọlé kò dọ́gba, ìwòsàn wọn kò sì jọra. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé òun fi pésítìrì sí fíríìjì di ọjọ́ kejì, síbẹ̀ tó yi, ìsinmi ló fi ń tọ́jú ohun tí ìsinmi kò lè wò.

Orúkọ ìdílé náà ni gúlútẹ̀nì. Ọ̀mọ̀wé ará Ítálì kan, Jacopo Bartolomeo Beccari, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe yọ ọ́ lára fúláwà, ní ìlú Bòlóńyà ní ọdún 1728. Ohun tó ṣe kò ju kí ènìyàn fi omi fọ ìyẹ̀fun lọ, ẹnikẹ́ni sì lè dán an wò nílé idáná tirẹ̀ lónìí. Kí ó bu fúláwà ìkúnwọ́ kan, kí ó fi omi pò ó dáadáa, kí ó gbé e sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ó wá máa fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń rọra sun. Omi funfun ni yóò máa jáde, sitáàṣì nìyẹn. Nígbà tí omi bá fi máa mọ́, ohun tó kù lọ́wọ́ á ti kéré, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí eérú díẹ̀, á sì máa lẹ̀. Tí wọ́n bá fà á, á nà. Tí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á fà padà. Gúlútẹ̀nì rèé, fífà tó ń fà padà yẹn gan-an ló sì ń bá ògiri táàtì jà.

Nínú fúláwà gbígbẹ, gúlútẹ̀nì kò tíì sí. Àwọn purotéènì tí yóò dà á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sùn. Omi ló ń jí wọn, ọwọ́ tó ń pò ó ló sì ń so wọ́n mọ́ ara wọn. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ń fẹ́ ìsopọ̀ yìí gidigidi. Ìdí nìyẹn tó fi ń po ìyẹ̀fun títí apá fi ń ro ó. Ẹni tó ń ṣe pésítìrì ń fẹ́ ìwọ̀nba, kìkì èyí tí kò ní jẹ́ kí ìyẹ̀fun já sí wẹ́wẹ́ nígbà tó bá ń gbé e. Gbogbo bó bá ṣe lé sí i lẹ́yìn èyí, yíyi ló ń pọ̀ sí i.

Ibi tí bọ́tà ti wúlò nìyí. Nígbà tí wọ́n bá ń fi orí ìka ra bọ́tà tútù mọ́ fúláwà, ọ̀rá ń bo ara fúláwà, kò sì ní jẹ́ kí omi tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn purotéènì yẹn. Wọ́n á rà á títí tí yóò fi dà bíi gàárì, tí kò sí kókó funfun ńlá tàbí fúláwà tó ṣì gbẹ hán-ún nínú rẹ̀ mọ́. Orí ìka ni wọ́n ń lò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, nítorí àtẹ́lẹwọ́ gbóná ju ìka lọ. Ooru sì ni ọ̀tá bọ́tà: ó ti ń rọ̀ ní 20°C, tó bá fi máa tó 35°C ó ti yọ́ tán. Ilé idáná ní Èkó lọ́sàn-án lè gbóná ju 30°C lọ láìtíì tan ọ́fìnì rárá. Tí bọ́tà bá yọ́ sínú fúláwà, ìyẹ̀fun náà á máa dán fún ọ̀rá, á máa lẹ̀ mọ́ tábìlì, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì ṣe ni kí wọ́n tún da fúláwà lé e. Fúláwà tuntun yìí kò rí bọ́tà tí yóò bò ó, ó ń béèrè omi, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á tún un pò. Báyìí ni ilé idáná tó gbóná ṣe ń bí pésítìrì tó yi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe aṣemáṣe kan tó hàn gbangba. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù láti ṣe é, kí wọ́n gé bọ́tà sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n dá a padà sínú fíríìjì títí wọn yóò fi fẹ́ lò ó, kí wọ́n sì fi abọ́ ìpò-ìyẹ̀fun pàápàá síbẹ̀ tí àyè bá gbà á.

Fúláwà náà ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún búrẹ́dì máa ń ní purotéènì tó tó 12 tàbí 13 nínú 100, nígbà tí fúláwà lásán tí wọ́n ń tà fún kéèkì àti pésítìrì ní Bìrìtéènì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 10. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára pépà tàbí láílọ́ọ̀nù tí wọ́n dì í sí, níbi tí wọ́n ti ń sọ iye purotéènì tó wà nínú 100 giráàmù. Ẹni tí kò rí ju fúláwà búrẹ́dì lọ lè yọ giráàmù 25 nínú 225, kó fi sitáàṣì àgbàdo dí i, torí sitáàṣì kò ní purotéènì tó lè di gúlútẹ̀nì. Ó ń ṣiṣẹ́. Kì í sọ fúláwà búrẹ́dì di fúláwà kéèkì, ṣùgbọ́n ó ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ní ti omi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ táàtì ti ń kú. Fún táàtì tó wà nílẹ̀ yìí, fúláwà giráàmù 225, bọ́tà 110 àti iyọ̀ fún-ín-ún kan, omi tó ní yìnyín nínú tí yóò gbà kò ju ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lọ, ìyẹn mílílítà 45. Ṣíbí kẹrin á dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú, bẹ́ẹ̀ ìdámẹ́ta omi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Ṣíbí méjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́n káàkiri orí rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀bẹ tí kò mú rò ó pọ̀, kí wọ́n wá fún ìwọ̀nba rẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá dì mọ́ra, kò nílò omi mọ́. Tó bá já, tó sì ń dà sílẹ̀ bí èérún, kí wọ́n fi ṣíbí kékeré fi omi kún un díẹ̀díẹ̀. Pésítìrì tó rọ̀ mọ̀rọ̀mọ̀rọ̀, tó ń tẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́, máa ń dùn ún yí pẹlẹbẹ. Èyí tó dáa lẹ́nu máa ń ya létí díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yí i, ó sì ń béèrè sùúrù. Ẹni tó bá fẹ́ ìrọ̀rùn tábìlì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àlejò ni yóò san án.

Ní ọdún 2007, ìwé ìròyìn oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n kan jáde tó fi ọ̀rọ̀ omi yìí hàn kedere: wọ́n yọ apá kan nínú omi náà, wọ́n fi ọtí fọ́díkà rọ́pò rẹ̀. Ọtí náà ń mú ìyẹ̀fun rọ̀ tó láti yí, ṣùgbọ́n kì í jí purotéènì fúláwà bí omi ṣe ń ṣe, nígbà tí wọ́n bá sì ń yan án, púpọ̀ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ ẹni tó lè ka ṣíbí omi rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Níbi tí wọ́n dé yìí, kádàrá yíyi ti pé. Bí ọwọ́ bá ti pò ó jù, tí omi sì ti pọ̀ jù, gúlútẹ̀nì ti di àwọ̀n, kò sí fíríìjì tí yóò tú àwọ̀n náà ká. Ohun tí ìsinmi lè ṣe ni kó dẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, pésítìrì tí wọ́n pò jù, tí wọ́n wá fún ní ìsinmi tó gùn, lè má súnkì mọ́, síbẹ̀ kó yi. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ ìlànà oúnjẹ máa sọ èyí kedere. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń kọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, wọn kì í sọ ohun tí ìsinmi wà fún.

Ohun tó wà fún nìyí. Lẹ́yìn pípò, wọ́n á tẹ ìyẹ̀fun náà pẹlẹbẹ ní róbótó, wọ́n á fi láílọ́ọ̀nù wé e kí ara rẹ̀ má bàa gbẹ, wọ́n á gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Pípẹlẹbẹ yẹn ní ìdí: ìyẹ̀fun tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti le kí inú rẹ̀ tó tutù. Nǹkan mẹ́ta ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Omi tó dúró sójú kan ń rìn dé ibi tí fúláwà ti gbẹ, ìyẹ̀fun á sì dọ́gba láìjẹ́ pé ọwọ́ tún kàn án. Okùn gúlútẹ̀nì tí pípò ti fà le ń rọra yọ̀ lára ara wọn, wọ́n ń dẹ̀. Bọ́tà tó ti rọ̀ ń le padà. Ẹni tí iná mànàmáná kò dá lójú lè kó yìnyín sínú kúlà, kó gbé ìyẹ̀fun tó wé dáadáa lé e lórí, kó dé e; iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Tí ìyẹ̀fun bá sùn di ọjọ́ kejì nínú fíríìjì, wọ́n á gbé e jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó yí i, kó má bàa fọ́ sábẹ́ igi.

Bí wọ́n ṣe ń fi igi yí i pẹlẹbẹ náà ń pinnu bí yóò ṣe súnkì. Páànù táàtì yìí fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 23, ògiri rẹ̀ ga ní mẹ́ta àti ààbọ̀. Pésítìrì gbọ́dọ̀ bo ìdí, kó gun ògiri méjèèjì, kí díẹ̀ sì lé sí ìta, nítorí náà róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 32 ni wọ́n nílò, kí nínípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta. Àárín ni igi ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa lọ sí etí. Lẹ́yìn yíyí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yí ìyẹ̀fun náà díẹ̀ lórí tábìlì kó lè fẹ̀ dọ́gba. Tó bá ń fà padà lábẹ́ igi, tí wọ́n yí i dé 30, tó tún padà sí 28, ó ń sọ pé òun kò tíì sinmi tó. Kí wọ́n má bá a jà. Kí wọ́n fi aṣọ bò ó tàbí kí wọ́n dá a padà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á gbọ́ràn. Gbogbo sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n bá fi agbára gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ọ́fìnì ni yóò gbà á padà.

Títẹ́ ẹ sínú páànù ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fà á láìmọ̀. Ìyẹ̀fun ti bọ́ sórí páànù, kò tíì kan igun ìsàlẹ̀, wọ́n á wá fi ìka tì í láti òkè kó lè dé ibẹ̀. Ó dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínà ló nà. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n gbé etí ìyẹ̀fun sókè, kí wọ́n jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ inú igun, kí wọ́n wá ya ìwọ̀nba nínú èyí tó lé, kí wọ́n ṣe é róbótó kékeré, kí wọ́n fi tẹ igun náà wọlé yí ká. Kò ní lu, kò sì ní sí èékánná níbẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí èyí tó yọ sí ìta páànù máa fì bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má gé e. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yan án tán ni wọn yóò fi ọ̀bẹ mímú gé e mọ́ etí páànù. Tí ó bá súnkì díẹ̀, etí tó lé ni yóò kọ́kọ́ ná, kì í ṣe ògiri.

Wàyí o, ìsinmi kejì. Yíyí pẹlẹbẹ ti tún fa gúlútẹ̀nì le, ìgbóná ọwọ́ ti tún mú bọ́tà rọ̀, ìdí nìyẹn tí ìsinmi lẹ́yìn títẹ́ sínú páànù fi ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kò gba méjèèjì, èyí ni kó má fò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú fíríìjì ni ó kéré tán, wákàtí kan ló dáa jù. Àwọn kan máa ń gbé e sínú fírísà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lè yá. Bọ́tà á le kánkán lóòótọ́, ògiri kò sì ní tètè wó, ṣùgbọ́n òtútù líle kì í fún gúlútẹ̀nì ní àkókò láti dẹ̀. Fíríìjì kí wọ́n tó gbé e sí fírísà, ìyẹn bójú mu; fírísà dípò ìsinmi, ìtànjẹ ni.

Kí ló dé tí wọn kò kàn da kọ́sítáàdì sí i báyìí kí wọ́n yan méjèèjì pọ̀? Ooru tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ kò bára mu. Kọ́sítáàdì ẹyin máa ń dì ní nǹkan bíi 80°C. Tó bá kọjá ibẹ̀ lọ dáadáa, á pín, omi á yà lọ́tọ̀, ẹyin á di kókó. Nítorí náà wọ́n ń yan án jẹ́jẹ́, ní ọ́fìnì 150°C. Pésítìrì ń fẹ́ 200°C kó tó lè gbẹ kó sì pọ́n. Tí wọ́n bá da kọ́sítáàdì tútù sórí pésítìrì tútù, tí wọ́n sì fi ooru kékeré yan án, ìdí pésítìrì á wà nínú omi fún ogójì ìṣẹ́jú, bọ́tà rẹ̀ á yọ́, á di lẹ́ẹ̀. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń yan pésítìrì ní òfìfo ná.

Yíyan ní òfìfo kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Tó bá ṣófo pátápátá, ojú wọn yóò rí nǹkan. Bọ́tà máa ń yọ́ kí fúláwà tó gan, láàárín àkókò yẹn ògiri tó dúró lóòró kò ní ohun kan tó dì í mú; á yọ̀ wálẹ̀. Omi inú ìdí rẹ̀ á di ooru, kò rí ọ̀nà jáde, á gbé ìdí náà wú. Ìwọ̀n tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ló ń dènà méjèèjì: ó ń tẹ ìdí mọ́lẹ̀, ó sì ń fẹ̀yìn ti ògiri títí ògiri yóò fi le. Ẹ̀wà gbígbẹ ni wọ́n máa ń lò jù, ìrẹsì náà dáa, àwọn kan sì ń ra òkò kéékèèké tí wọ́n fi amọ̀ ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀wà tí wọ́n bá lò báyìí kò ṣeé sè jẹ mọ́, kò ní jinná dáadáa. Kí wọ́n jẹ́ kó tutù, kí wọ́n dà á sínú ìgò fún ìgbà mìíràn, kí wọ́n sì jù ú nù lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí òróró tó ti pẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀wà kì í pọ̀ tó. Wọ́n á da ìkúnwọ́ díẹ̀ sí àárín, ìdí kò ní wú, ṣùgbọ́n ògiri á wó lé ẹ̀wà lórí. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ kún dé etí, kó sì fún mọ́ ògiri yí ká. Páànù yìí á gba nǹkan tó súnmọ́ kílò kan.

Ó ṣeé ṣe láti wo táàtì tó bàjẹ́ kí wọ́n sì mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i. Tí ògiri bá kúrú yí ká dọ́gba, tó nípọn ju bí wọ́n ṣe yí i lọ, tí ìdí náà sì ti fà kúrò lára páànù, gúlútẹ̀nì ló fà padà. Ìsinmi ni kò tó, tàbí wọ́n nà án nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ. Tí ògiri bá wó sílẹ̀, tó ká jọ sí igun ìsàlẹ̀, tí ibẹ̀ sì nípọn tí òkè fẹ́lẹ́, yíyọ̀ ló yọ̀: kò tutù tó kó tó wọ ọ́fìnì, tàbí ẹ̀wà kò dé òkè, tàbí ọ́fìnì kò tíì gbóná tó. Èkíní kò ṣeé fi ẹ̀wà wò, èkejì kò sì ṣeé fi ìsinmi nìkan wò.

Báyìí ni táàtì náà ṣe lọ nínú ọ́fìnì. Wọ́n ti tan án ṣáájú dé 200°C, tàbí 180°C tó bá jẹ́ èyí tó ní fáànù, àwo irin kan sì wà nínú rẹ̀ tí ó ń gbóná pẹ̀lú rẹ̀ kí ìdí táàtì lè rí ooru gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n fi fọ́ọ̀kì gún ìdí pésítìrì káàkiri. Wọ́n rún pépà ìyan-nǹkan lọ́wọ́ kó lè rọ̀, wọ́n tú u, wọ́n tẹ́ ẹ dé gbogbo igun, wọ́n da ẹ̀wà kún un. Ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n wá di etí pépà mú, wọ́n gbé ẹ̀wà jáde pọ̀ mọ́ ọn. Ìdí táàtì á ṣì funfun, á máa dán bí ẹni pé omi wà lára rẹ̀. Kò tíì jinná rárá, ẹni tó bá da kọ́sítáàdì sí i níbẹ̀ ti kánjú. Wọ́n dá a padà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí dídán yẹn fi lọ, tí ìdí gbẹ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kí wọ́n jẹ́ kó pọ́n tó bí wọ́n ṣe fẹ́ rí i nígbẹ̀yìn, torí ooru 150°C tó kàn kò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ́n ọn sí i mọ́.

Tó bá ti là níbì kan, wọ́n á fi ìwọ̀nba ìyẹ̀fun tútù tó ṣẹ́kù dí i, kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á wá fi funfun ẹyin pa gbogbo inú rẹ̀, wọ́n á dá a padà fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹyin náà á gan, á di awọ fẹ́lẹ́ tí kò ní jẹ́ kí mílíìkì tètè wọlé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dín iná kù sí 150°C. Ẹyin mẹ́rin, ṣúgà giráàmù 50, mílíìkì mílílítà 600 tí wọ́n ti mú lọ́wọ́ọ́rọ́: wọ́n rò ó pọ̀ láì jẹ́ kó hó, wọ́n sẹ́ ẹ. Wọ́n gbé páànù sínú ọ́fìnì ná, wọ́n wá da kọ́sítáàdì sí i níbẹ̀, kó má bàa dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n rin nọ́tímẹ̀ẹ̀gì sórí rẹ̀. Àròpọ̀ yìí ju mílílítà 800 lọ. Sẹ̀ǹtímítà kan péré tí ògiri bá fi kúrú, àyè tó tó mílílítà 400 ló lọ, ìyẹn àyè tó tó nǹkan bí ìdajì kọ́sítáàdì náà. Ìṣirò tí ìsinmi wákàtí kan ń gbèjà nìyẹn.

Ogójì ìṣẹ́jú tàbí díẹ̀ sí i ló máa lò. Etí rẹ̀ á ti dì, àárín á ṣì máa gbọ̀n jẹ́jẹ́ tí wọ́n bá mi páànù. Ìgbà náà ni kí wọ́n gbé e jáde, torí ooru inú rẹ̀ á parí iṣẹ́ tó kù. Kí ó tutù pátápátá kí wọ́n tó gé e.

Ẹni tó ń ṣe mítípáì kò lè kó ẹ̀wà sínú rẹ̀, nítorí náà ìsinmi nìkan ló ní lọ́wọ́, òun ló sì yẹ kó gba á gbọ́ jù. Nígbà tí awọ mítípáì bá súnkì, etí tí wọ́n fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ pọ̀ ló ń ṣí, omi ẹran á yọ jáde, á sì gbẹ mọ́ páànù. Yàtọ̀ sí pé kí ìyẹ̀fun sinmi lẹ́yìn pípò, kí wọ́n tò wọ́n sórí páànù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dì wọ́n tán, kí wọ́n gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹran inú wọn sì ti tutù kó tó wọlé. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára ìyẹ̀fun lẹ́yìn tí wọ́n gé róbótó tán, kí wọ́n má ṣe fún un pọ̀ kí wọ́n tún un pò. Kí wọ́n to ègé rẹ̀ lé ara wọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kó sinmi, kí wọ́n tó tún yí i. Mítípáì tó bá jáde nínú rẹ̀ á fi díẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe.